Igun Wo Ni Géèmù Náà Sá Sí?

Púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń tà ní Computer Village n'Ìkẹjà ló jẹ́ àlòkù tó ti òkè òkun wọlé. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ wọn ṣe níbi tí wọ́n ti ń bọ̀, nítorí náà káàdì tó ń ya àwòrán nínú wọn kì í sábà lágbára tó fún géèmù ńlá. Géèmù á ṣí o, ṣùgbọ́n á máa wọ́ nílẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ràn géèmù kò ní jáyà sí ìyẹn. Á wọ inú sẹ́tíǹsì, á fa rẹsolúṣọ̀n wálẹ̀ láti 1920 × 1080 sí 1280 × 720, á sì tẹ Apply. Ojú kọ̀ǹpútà á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó bá máa là padà, géèmù ti súnkì sí igun kan, ó ti fi ìyókù ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún òkùnkùn biribiri, tàbí fún àwọn fódà tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí lè rò pé ojú láptọ́ọ̀pù ti bàjẹ́, kó sì gbé e lọ fún oníṣẹ́. Ojú láptọ́ọ̀pù kò bàjẹ́. Ìṣirò ló ṣì níbì kan, ibi tó sì ti ṣì náà kì í fara pa mọ́ fún ẹni tó bá mọ ohun tó yẹ kó wò.

Ká kọ́kọ́ wo ìdí tí wọ́n fi ń fa rẹsolúṣọ̀n wálẹ̀. Àmì kéékèèké tó ń tàn ni ojú kọ̀ǹpútà fi ń gbé àwòrán jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n ń pè ní píksẹ́lì. Bí a bá fi 1920 sọ 1080 di púpọ̀, a ó rí 2,073,600. Iye píksẹ́lì tí káàdì gbọ́dọ̀ kùn nìyẹn, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí kò ṣe ní gbogbo ìgbà tí àwòrán bá yí padà, èyí tó lè tó ọgbọ̀n tàbí ọgọ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. 1280 × 720 jẹ́ 921,600 péré. Iṣẹ́ náà ti lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ. Ìdí nìyí tí géèmù tó ń wọ́ tẹ́lẹ̀ fi máa ń yá nǹkan tí wọ́n bá ti sọ ọ́ kalẹ̀ sí 720, àti ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè sọ fún ọmọ olówó kékeré pé kó fi rẹsolúṣọ̀n sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ̀n kan ṣoṣo ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Mẹ́ta ni. Èkíní ni ìwọ̀n ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, iye píksẹ́lì tí wọ́n ṣe mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò lè yí padà. Èkejì ni ìwọ̀n wíńdò, ìyẹn àyè tí ẹ̀rọ yọ̀ǹda fún géèmù láti fi ara rẹ̀ hàn. Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n àwòrán tí géèmù ń yà sínú àyè náà. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá ń lọ déédéé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á bára mu, tàbí kí ẹnìkan láàárín wọn fa èyí tó kéré títí yóò fi kún èyí tó tóbi. Bí ìkan bá yí padà tí àwọn tó kù kò gbọ́, tí kò sì sẹ́ni tó fa nǹkan kan, géèmù á sá lọ sí igun.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn wò kì í ṣe inú géèmù. Àyíká rẹ̀ ni. Ṣé òkùnkùn ló yí géèmù náà ká, àbí dẹ́skítọ́ọ̀pù ló ń hàn lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú àwọn àmì fódà, Recycle Bin, àti pátákó ìsàlẹ̀ tí aago wà? Bó bá jẹ́ dẹ́skítọ́ọ̀pù ló ń hàn, wíńdò ló kéré. Bó bá jẹ́ òkùnkùn, wíńdò kún ojú kọ̀ǹpútà dáadáa, àwòrán tó wà nínú rẹ̀ ló kéré. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí oògùn ọ̀kan kò ran èkejì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí dẹ́skítọ́ọ̀pù ń hàn lẹ́yìn rẹ̀, òun ló rọrùn jù.

Ọ̀nà méjì ni géèmù òde òní fi ń gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà lórí Windows. Nínú sẹ́tíǹsì, wọ́n sábà máa ń pe ọ̀kan ní Fullscreen, wọ́n á sì pe èkejì ní Borderless tàbí Windowed Fullscreen. Lójú ẹni tó ń ta géèmù, wọn kò yàtọ̀ síra: àwòrán kún ojú kọ̀ǹpútà, kò sí ọ̀pá lókè, kò sí etí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́lẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Nínú Fullscreen gidi, géèmù á gba ojú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ Windows, á sì sọ fún un pé, "Mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ di 1280 × 720 báyìí." Ojú kọ̀ǹpútà ló yí padà níbẹ̀, káàdì tàbí ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló sì ń fa àwòrán náà títí yóò fi kún. Ìdí nìyí tí ojú kọ̀ǹpútà fi máa ń ṣẹ́jú. Borderless kò ṣe irú rẹ̀ rárá. Wíńdò lásán ni, tí wọ́n gé etí rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì nà án débi tí ó fi bo gbogbo nǹkan. Dẹ́skítọ́ọ̀pù ṣì wà ní 1920 × 1080 lẹ́yìn rẹ̀, kò kúrò níbì kankan.

Wàyí o, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan bá mú 1280 × 720 nínú Borderless? Géèmù tí wọ́n kọ dáadáa á fi wíńdò rẹ̀ sílẹ̀ ní 1920 × 1080, á ya àwòrán ní 1280 × 720, á sì fà á kí ó tó gbé e síta. Èyí tí wọn kò kọ dáadáa á gbọ́ ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́: á sọ wíńdò fúnra rẹ̀ di 1280 × 720. Lórí Windows, igun òkè lápá òsì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ kíka ipò gbogbo nǹkan, ibẹ̀ ni 0,0. Wíńdò tó ti wà ní 0,0 tẹ́lẹ̀ kò ní ìdí láti kúrò níbẹ̀. Yóò dúró sí igun náà, yóò fi 640 píksẹ́lì sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti 360 sílẹ̀ nísàlẹ̀. Nítorí pé wọ́n sì ti gé etí rẹ̀, kò sí ọ̀pá téèyàn lè fi máòsì dì mú láti fà á lọ síbòmíràn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kéèyàn mú Fullscreen dípò Borderless nínú sẹ́tíǹsì. Bí sẹ́tíǹsì bá ṣòro láti dé, Alt+Enter máa ń sọ ọ̀pọ̀ géèmù di Fullscreen, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló gbọ́ èdè yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tó dára ju méjèèjì lọ, tí ọ̀pọ̀ ọmọ géèmù kò sì kà sí. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù tuntun, ohun kan wà tí wọ́n kọ Render Scale tàbí Resolution Scale sí. Kéèyàn dá rẹsolúṣọ̀n padà sí 1920 × 1080, kó wá fa Render Scale yẹn wálẹ̀ sí nǹkan bíi 67%. Wíńdò á kún ojú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ àti bọ́tìnnì á mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ìran inú géèmù nìkan ni wọ́n á máa yà ní nǹkan bíi 1280 × 720. Ìyára tí wọ́n ń wá á wà níbẹ̀, igun á sì di ìgbàgbé.

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé wíńdò náà kéré débi pé bọ́tìnnì Apply kò hàn mọ́, tàbí kí géèmù kọ̀ láti ṣí. Nígbà yẹn, inú fáìlì ni wọ́n ti máa tún un ṣe. Àwọn géèmù tí wọ́n fi Unreal Engine 4 kọ sábà máa ń tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí sínú fáìlì tó ń jẹ́ GameUserSettings.ini. Ẹni tó bá tẹ %LOCALAPPDATA% sí ojú ibi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì fódà, tó sì tẹ Enter, á rí fódà tó ń jẹ́ orúkọ géèmù náà tàbí orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n fi kọ ọ́. Inú rẹ̀, ní Saved\Config\WindowsNoEditor, ni fáìlì yẹn wà. Notepad lásán ló máa ṣí i. Àwọn ìlà tó kàn wá nìyí:

```
ResolutionSizeX=1280
ResolutionSizeY=720
FullscreenMode=2
```

2 tó wà nídìí ìlà kẹta túmọ̀ sí wíńdò kékeré. 1 ni Borderless, 0 ni Fullscreen gidi. Kéèyàn sọ ọ́ di 0, kó sì dá àwọn nọ́ńbà òkè padà sí ìwọ̀n ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó tọ́jú fáìlì náà, kó tó ṣí géèmù. Géèmù gbọ́dọ̀ wà ní pípa nígbà tí wọ́n bá ń ṣe èyí, torí pé bó bá wà ní ṣíṣí, ó lè kọ tirẹ̀ lé e lórí nígbà tó bá ń pa dé.

Èyí tí òkùnkùn yí ká ló gba àròjinlẹ̀. Ohun méjì ló sábà máa ń fà á, igun tí àwòrán náà sì sá sí máa ń sọ èwo ni.

Bó bá jẹ́ igun òkè lápá òsì, ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n fura sí ni Windows fúnra rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tí ojú rẹ̀ kò tóbi, tó sì ní 1920 × 1080, máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ kéré jù fún ojú ènìyàn. Windows á wá dábàá pé kí gbogbo nǹkan tóbi sí i ní 125% tàbí 150%. Inú Settings ni ìyẹn wà, lábẹ́ System, lẹ́yìn náà Display, níbi tí wọ́n kọ Scale sí. Ìranlọ́wọ́ gidi ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ géèmù àtijọ́ kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, torí pé nígbà tí wọ́n ń kọ wọ́n, 100% ni ọ̀pọ̀ jù lọ kọ̀ǹpútà wà.

Láti ìgbà Windows Vista ni Microsoft ti wá ọgbọ́n dá sí i. Bí ètò kan kò bá sọ ọ́ jáde pé òun mọ̀ nípa Scale, Windows á parọ́ fún un. Bí ètò náà bá béèrè pé, "Báwo ni ojú kọ̀ǹpútà yìí ṣe tóbi tó?", Windows á pín ìwọ̀n gidi sí 1.5. 1920 á di 1280, 1080 á di 720. Ètò náà á yàwòrán sí ìwọ̀n kékeré yẹn, Windows á wá fà á kún. Àwòrán á ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n á kún. Fún ètò ìkọ̀wé tàbí ìṣirò, irọ́ yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Géèmù ni irọ́ náà máa ń tú lé lórí, torí pé ọ̀nà méjì ni géèmù ń gbà béèrè ọ̀rọ̀. Bó bá béèrè ìwọ̀n ojú kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ GetSystemMetrics, irọ́ ni wọ́n á pa fún un: 1280 × 720. Bó bá tún béèrè orúkọ gbogbo rẹsolúṣọ̀n tí ojú kọ̀ǹpútà lè gbé nípasẹ̀ EnumDisplaySettings, òótọ́ ni wọ́n á sọ: 1920 × 1080. Géèmù tó bá fi ìdáhùn kejì pèsè àyè tó máa yàwòrán sí, tó wá fi ìdáhùn kìíní pinnu ibi tí àwòrán máa dé nínú àyè náà, á ní àyè tó kún ojú kọ̀ǹpútà àti àwòrán tó dúró sí ìdá méjì nínú mẹ́ta fífẹ̀ rẹ̀ àti ìdá méjì nínú mẹ́ta gíga rẹ̀. Ìyókù á dúdú.

Máòsì á jẹ́rìí sí i. Ká sọ pé bọ́tìnnì kan wà nínú àwòrán náà, 600 píksẹ́lì láti apá òsì, 400 láti òkè. Ẹni tó ń ta géèmù á gbé máòsì lé e, á tẹ̀ ẹ́, bọ́tìnnì kò ní dá a lóhùn. Ìdí ni pé Windows ń pín ipò máòsì náà sí 1.5 kó tó sọ ọ́ fún géèmù: ó gbọ́ 400 àti 267. Kí bọ́tìnnì tó lè gbọ́, máòsì gbọ́dọ̀ wà ní 900 àti 600. Bí ó bá jẹ́ bọ́tìnnì tó súnmọ́ etí ọ̀tún àwòrán ni, inú òkùnkùn, níbi tí kò sí nǹkankan, ni wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá rí i pé bọ́tìnnì ń dáhùn níbi tí kò sí, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ ọ̀ràn Scale.

Wọ́n tún lè fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bí àwòrán bá gba ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ojú kọ̀ǹpútà ní fífẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé 125% ni Scale wà. Bó bá jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta, 150% ni. Ibì kan wà tí èyí ti lè tan ènìyàn jẹ o: 1280 × 720 náà jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta 1920 × 1080. Nítorí náà, kí wọ́n mú rẹsolúṣọ̀n mìíràn, bíi 1600 × 900, kí wọ́n sì wò ó. Bí àwòrán bá tóbi sí i pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wà láàárín géèmù àti rẹsolúṣọ̀n tí wọ́n mú. Bó bá takú sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, Scale ni. Ẹni tí kò fẹ́ wọn nǹkankan lè sọ Scale di 100% fún ìgbà díẹ̀, kó ṣí géèmù wò. Bó bá kún, a ti mú olè.

Kò pọn dandan kí wọ́n fi Scale sílẹ̀ ní 100% títí láé, kí ojú wá máa ro ẹni tó ń ka ìwé lórí kọ̀ǹpútà náà. Géèmù yẹn nìkan ni wọ́n lè sọ fún. Kí wọ́n wá fáìlì .exe tó ń ṣí géèmù, kí wọ́n fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n mú Properties, lẹ́yìn náà Compatibility, lẹ́yìn náà Change high DPI settings. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni àpótí kan wà tí wọ́n kọ Override high DPI scaling behavior sí. Kí wọ́n fi àmì sí i, kí wọ́n sì mú Application. Láti àtúnṣe Windows 10 tí wọ́n pè ní 1703, tó jáde ní 2017, ni wọ́n ti ń rí Application yẹn. Ohun tí Application túmọ̀ sí ni pé kí Windows má parọ́ fún géèmù yìí mọ́. Láti ìgbà náà, ìdáhùn méjèèjì á jẹ́ 1920 × 1080, àwòrán á sì kún.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pé wọ́n á ṣe gbogbo èyí sí fáìlì tí kì í ṣe ti géèmù. Ọ̀pọ̀ géèmù ló ní ètò kékeré kan tó kọ́kọ́ ń ṣí, tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé tàbí tó ń wá àtúnṣe tuntun, kó tó pe géèmù gangan. Ẹni tó bá fi Application sí ètò kékeré yẹn lè má rí ìyàtọ̀ kankan, á sì pinnu pé oògùn náà kò jẹ́. Kí wọ́n ṣí géèmù, kí wọ́n tẹ Ctrl+Shift+Esc láti ṣí Task Manager, kí wọ́n fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ orúkọ géèmù tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n mú Open file location. Fáìlì tó bá fi hàn wọ́n ni kí wọ́n tún ṣe.

Bó bá jẹ́ igun ìsàlẹ̀ lápá òsì ńkọ́? Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ó sì dára kí òǹkàwé mọ ìdí tó fi jẹ́ ìsàlẹ̀.

Géèmù kò lè yàwòrán láìgba èdè kan sọ̀rọ̀ pẹ̀lú káàdì. Direct3D ni ti Microsoft. OpenGL, tí Silicon Graphics gbé jáde ní 1992, jẹ́ èyí tí Linux, Mac àti Windows jọ ń gbọ́. Direct3D ń ka ipò láti igun òkè lápá òsì, gẹ́gẹ́ bí Windows ṣe ń kà á. OpenGL ń kà á láti ìsàlẹ̀ lápá òsì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ya gíráàfù nínú ìwé ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà, àwòrán tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó àyè rẹ̀ á rọ̀ mọ́ igun òkè nínú Direct3D, á sì rọ̀ mọ́ igun ìsàlẹ̀ nínú OpenGL. Géèmù tí òkùnkùn wà lókè àti lápá ọ̀tún rẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé OpenGL lòun ń sọ.

Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò ju ìlà kan lọ. Ìlà náà ló ń sọ fún OpenGL ibi tí àwòrán máa dé nínú wíńdò:

```
glViewport(0, 0, 1280, 720);
```

Nígbà tí géèmù bá kọ́kọ́ ṣí, OpenGL fúnra rẹ̀ á fi ìwọ̀n wíńdò ìgbà yẹn sínú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní yí wọn padà mọ́ títí ẹnìkan á fi sọ fún un. Bí ẹni tó ń ta géèmù bá wá gbé rẹsolúṣọ̀n láti 1280 × 720 sí 1920 × 1080, tí ẹni tó kọ géèmù sì gbàgbé láti tún ìlà yìí pè, wíńdò á tóbi, àwòrán á wà bó ṣe wà. Bíi télọ̀ tó fi ìwọ̀n èṣí rán aṣọ fún ọmọ tó ti ga sí i ni. Ẹ ṣàkíyèsí pé gbígbé rẹsolúṣọ̀n sókè ló fa èyí, kì í ṣe sísọ ọ́ kalẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ló máa ṣẹlẹ̀: àwòrán á tóbi ju wíńdò lọ, apá ìsàlẹ̀ lápá òsì rẹ̀ nìkan lá máa hàn.

Ibí yìí náà ni ìdí wà tí ọ̀pọ̀ géèmù fi máa ń sọ pé kí wọ́n pa òun kí wọ́n tún òun ṣí lẹ́yìn tí wọ́n bá yí rẹsolúṣọ̀n padà. Ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi ń dúró dè é bí ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n ó níṣẹ́ tó ń ṣe: bí géèmù bá tún ṣí, á tún wọn ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ pa á lè sọ ọ́ di wíńdò, kó fi máòsì fa etí rẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé géèmù náà ń gbọ́ ìró pé ìwọ̀n wíńdò yí padà, á tún ìlà yẹn pè, àwòrán á sì bọ́ sípò.

Lórí Mac, ẹ̀ṣẹ̀ yìí ní àwọ̀ tirẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, Apple gbé MacBook Pro tó ní ojú Retina jáde. Píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ 2880 × 1800, ṣùgbọ́n bó ṣe jáde, 1440 × 900 ni ó ń pe ara rẹ̀ fún àwọn ètò, kí ọ̀rọ̀ má bàa kéré jù. Ètò tó bá fẹ́ lo gbogbo píksẹ́lì gbọ́dọ̀ béèrè ìwọ̀n méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá mú ìwọ̀n wíńdò, 1440 × 900, fi sínú glViewport lórí àyè tó jẹ́ 2880 × 1800, á rí àwòrán rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ojú kọ̀ǹpútà gééré, nísàlẹ̀ lápá òsì. GLFW, ètò tí ọ̀pọ̀ olùkọ géèmù ń lò láti ṣí wíńdò, pèsè glfwGetWindowSize fún ìwọ̀n wíńdò àti glfwGetFramebufferSize fún iye píksẹ́lì, ìwé ìlò rẹ̀ sì kìlọ̀ pé èkejì ni kí wọ́n gbé fún glViewport. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ géèmù ló ń kọ èyí lórí Windows tó wà ní 100%, níbi tí méjèèjì ti jẹ́ nọ́ńbà kan náà, tí kò sì sẹ́ni tó máa rí àṣìṣe náà àfìgbà tí ọ̀rẹ́ kan tó ní Mac bá ṣí i.

Ti géèmù tó bọ́ sí àárín gbùngbùn, tí òkùnkùn wà ní apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, kò jọ ìwọ̀nyí. Géèmù kò ṣẹ̀ níbẹ̀. Káàdì ni wọ́n sọ fún pé kó má fa àwòrán. Inú NVIDIA Control Panel, lábẹ́ Adjust desktop size and position, No scaling ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n mú Full-screen tàbí Aspect ratio dípò rẹ̀. Ètò Intel náà ní irú rẹ̀ ní apá Display.

Ó ku àwọn géèmù àgbà, tí wọn kò ní Render Scale, tí wọn kò mọ Borderless, tí wọ́n sì pọ̀ lórí láptọ́ọ̀pù àwọn ọmọ wa. GTA San Andreas, tó dé orí kọ̀ǹpútà ní 2005, wà lára wọn. Bí sẹ́tíǹsì rẹ̀ bá dàrú, ohun tí wọ́n máa ń gbani nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n pa fáìlì gta_sa.set rẹ́, kí géèmù lè ṣe òmíràn fúnra rẹ̀. Ìmọ̀ràn náà dára. Inú Documents ló wà, nínú fódà GTA San Andreas User Files. Ṣùgbọ́n inú fódà kan náà ni àwọn fáìlì tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GTASAsf wà, àwọn ló sì ń tọ́jú ibi tí wọ́n bá géèmù dé. Gta_sa.set nìkan ni kí ẹ pa rẹ́. Bí ọmọ yín bá fẹ́ pa gbogbo fódà náà rẹ́ kí iṣẹ́ lè tètè parí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dì í lọ́wọ́ mú.